Lẹ́tà N tó ń tẹ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí mo ṣe tún swíìṣì kíbọọ̀dù mi ṣe, láti sọ́fítíwíà títí dé ewé irin inú ẹ̀

Kíbọọ̀dù mẹkáníkà ni kíbọọ̀dù tí mo ń sọ yìí, irú èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní swíìṣì tiẹ̀ lábẹ́, tokunbo ni mo rà á, wọ́n sì jó ẹsẹ̀ àwọn swíìṣì ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì ni, ìyẹn irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan mọ́ra, kì í ṣe èyí téèyàn kàn lè fà yọ kó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Lẹ́tà N ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Mo máa tẹ "ni", ó máa gbé "nni" jáde, "inú" á di "innú", "nígbà náà" á di "nnígbà náà". Kì í ṣe gbogbo ìgbà o, ó lè ṣe dáadáa fún ìpínrọ̀ kan odindi kó tó tún ṣe é, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó ṣòro, torí tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹni tó ń tún nǹkan ṣe, ó lè má ṣe é lójú ẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Computer Village n'Íkẹjà wo kíbọọ̀dù náà, ó ní "àbúrò, ra tuntun, swíìṣì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń tún ṣe". Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe ọ̀ràn nínú gbogbo bọ́tìnnì tó wà níbẹ̀. Mo kọ gbogbo bó ṣe lọ síbí, pẹ̀lú àwọn èyí tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹni tí irú ẹ̀ bá ń ṣe lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 1: Ṣé swíìṣì ni lóòótọ́?

Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ máa ń tún lẹ́tà tẹ̀ tí ìka bá pẹ́ lórí bọ́tìnnì. Àmọ́ ìyẹn kì í tètè bẹ̀rẹ̀, lórí GNOME, ìyẹn ojú iṣẹ́ Linux tí mò ń lò, bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé ó máa dúró fún ààbọ̀ sẹ́kọ́ńdì kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kì í mọ sórí méjì, á máa tú u sílẹ̀ ni, nnnnnn. Tèmi kì í ju méjì lọ, ìka mi kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ wáyà tàbí ojúhò USB ló ń bàjẹ́, lẹ́tà tó pọ̀ ló máa kàn, kíbọọ̀dù míì á tiẹ̀ máa kú á máa jí. Mo pa wáyà dà, mo pa ojúhò dà, mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, N nìkan náà ni. Nígbà tó bá rí báyìí, bọ́tìnnì yẹn àti nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló kù.

Ìpele 2: Wíwọn àlàfo àárín títẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí níbí ló máa sọ bóyá sọ́fítíwíà á lè ràn yín lọ́wọ́, òun náà ló sì máa sọ iye tẹ́ ẹ máa fi sínú ẹ̀. Mo lo evtest lórí Linux, ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń kọ àkókò tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀ àti àkókò tó gòkè sílẹ̀.

```
sudo apt install evtest
sudo evtest
```

Ó máa to gbogbo nǹkan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà kíbọọ̀dù yín, kẹ́ ẹ wá máa tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣàìsàn yẹn bẹ́ ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé. Èyí tí mo mú lára tèmi rèé nígbà tó ṣe é (mo yọ àwọn ìlà tí kò kàn wá):

```
time 1718031122.418203, code 49 (KEY_N), value 1
time 1718031122.497310, code 49 (KEY_N), value 0
time 1718031122.511295, code 49 (KEY_N), value 1
time 1718031122.527301, code 49 (KEY_N), value 0
```

Value 1 ni pé bọ́tìnnì wọlẹ̀, 0 ni pé ó gòkè, tẹ́ ẹ bá rí 2 kọ̀ǹpútà ló ń tún un tẹ̀ fúnra ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta: bọ́tìnnì gòkè, mílísẹ́kọ́ńdì 14 péré lẹ́yìn náà ó tún wọlẹ̀. Kò sí ìka èèyàn kankan tó lè gbéra kó tún tẹ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 14. Irin inú swíìṣì ló ń gbọ̀n, kọ̀ǹpútà wá rò pé mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, wọ́n wà láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 9 sí 18, nígbà tí ìka bá ń kúrò lórí bọ́tìnnì ló sì pọ̀ jù, kì í ṣe nígbà tó bá ń wọlẹ̀.

Mo wá wọn tèmi gan-an, ìyẹn ìlọ́po tí mo fẹ́. Yorùbá kún fún fáwẹ́lì tó tẹ̀ léra wọn, aago, eegun, oorun, dáadáa, ọ̀rọ̀ náà "nǹkan" sì ní N méjì tó tẹ̀ léra. Mo tẹ àwọn ọ̀rọ̀ yìí kíákíá bó ṣe lè yá tó lọ́wọ́ mi, àlàfo tó kéré jù láàárín ìgbà tí ìka mi gbéra àti ìgbà tó tún padà jẹ́ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 70. Ó ti yé wa báyìí: ìsàlẹ̀ 18 ni ti swíìṣì, òkè 70 ni tèmi, àlà tá a máa fà gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Kálukú ní láti wọn tiẹ̀ o, ọwọ́ ẹlòmíì yá ju tèmi lọ.

Ìpele 3: Fífi asẹ́ sẹ́ ẹ lórí kọ̀ǹpútà

GNOME ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní bounce keys, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tí bọ́tìnnì bá ti gòkè, kò ní gbà kí bọ́tìnnì yẹn kan náà tún wọlẹ̀ títí àkókò kan á fi kọjá. Mo tàn án. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ N dákẹ́, inú mi dùn, àfìgbà tí mo wo ohun tí mo ń kọ, aago ti di ago, eegun ti di egun. Ìdí ni pé iye tí wọ́n fi síbẹ̀ láti ilé jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 300, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tí swíìṣì ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ fi èyí tí ẹ wọ̀n síbẹ̀. Mo fi 40:

```
gsettings set org.gnome.desktop.a11y.keyboard bouncekeys-enable true
gsettings set org.gnome.desktop.a11y.keyboard bouncekeys-delay 40
```

Aago padà di aago, N sì ṣì dákẹ́. Ẹni tó ń lo Windows, irú ẹ̀ wà nínú Filter Keys, àmọ́ lórí Windows 10 tí mo ti wò ó, ààbọ̀ sẹ́kọ́ńdì ni èyí tó kéré jù téèyàn lè mú níbẹ̀, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń kọ Yorùbá.

Ọ̀nà yìí kò ná mi ní kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà, tó bá jẹ́ pé ẹ ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà tí kò lè ṣe. Èkíní, orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló wà, tí mo bá gbé kíbọọ̀dù lọ síbòmíì àìsàn náà ń bá mi lọ. Èkejì ló tún le jù: tí swíìṣì bá gbọ̀n nígbà tí ìka ṣì wà lórí ẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà máa rí ni pé bọ́tìnnì gòkè, ó tún fẹ́ wọlẹ̀, asẹ́ wa á sì dí i lọ́nà, nítorí náà kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ ti gbé ìka kúrò bẹ́ẹ̀ ìka yín ṣì wà níbẹ̀. Fún N kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Àmọ́ tó bá jẹ́ Backspace ló ń ṣe é, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́, á kàn dúró lágbede méjì.

Ìpele 4: Inú kíbọọ̀dù fúnra ẹ̀

Kíbọọ̀dù mi gba QMK, ìyẹn fáìmùwíà, sọ́fítíwíà tó ń gbé inú kíbọọ̀dù fúnra ẹ̀, tí kálukú lè tún ṣe kó sì tì padà sínú kíbọọ̀dù. Ibẹ̀ dáa ju orí kọ̀ǹpútà lọ torí òun ló ń wo irin tó ń fara kan ara wọn ní tààrà, ó sì máa ń ṣe ìdájọ́ kó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Gbogbo swíìṣì ló máa ń gbọ̀n díẹ̀, tuntun náà ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí QMK fi máa ń dúró fún mílísẹ́kọ́ńdì 5 láti ilé wá. Swíìṣì mi ti kọjá 5. Mo ṣí fólídà kíímáàpù mi, mo kọ èyí sínú config.h:

```
#undef DEBOUNCE
#define DEBOUNCE 20
```

Mo kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà láti ilé, ìyẹn ni pé títẹ̀ àti gbígbé méjèèjì ló máa dúró dìgbà tí irin bá dákẹ́ fún mílísẹ́kọ́ńdì 20. Ó ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì téèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà ò já mọ́, torí àlàfo 14 yẹn ò tó ohun tó máa jáde síta rárá. Èmi ò mọ ìyàtọ̀ kankan lọ́wọ́, àmọ́ àbúrò mi tó máa ń fi gbá géèmù ní "bọ̀dá, ó ti ń falẹ̀ o", ó sì tọ̀nà, gbogbo bọ́tìnnì pátá ló ti ń pẹ́ sí i. Mo wá fi ìlà kan kún rules.mk:

```
DEBOUNCE_TYPE = asym_eager_defer_pk
```

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé tí bọ́tìnnì bá wọlẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìgbà tó bá gòkè nìkan ni kó dúró, kó sì máa ka ti bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ó bá tèmi mu gan-an torí ìgbà tí ìka bá ń kúrò ni N máa ń ṣe é. Tó bá jẹ́ pé tiyín máa ń gbé lẹ́tà jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ má lo èyí o, torí kò ní dúró wò rárá kó tó fi ránṣẹ́.

```
qmk compile -kb ORUKO_KIBOODU -km ORUKO_KIIMAAPU
qmk flash -kb ORUKO_KIBOODU -km ORUKO_KIIMAAPU
```

Mo pa bounce keys ti GNOME, mo fi ti inú kíbọọ̀dù nìkan ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dára. Lẹ́yìn náà "nni" tún yọjú. Ẹ kíyè sí i pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn àlàfo nírú ìgbà yìí, ẹ dá DEBOUNCE padà sí 5 ná, torí fáìmùwíà ti ń da àkókò rú, ó ń fi mílísẹ́kọ́ńdì 20 dá gbígbé dúró, evtest á wá fi àlàfo tó kéré sí òótọ́ hàn yín. Nígbà tí mo dá a padà, ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi: àlàfo tó jẹ́ 9 sí 18 tẹ́lẹ̀ ti di 30 àti àwọn 30 lé, ọ̀kan tiẹ̀ kan 45. Tí mo bá gbé DEBOUNCE lọ sí 50, mo ti ń sún mọ́ 70 tó jẹ́ ti ọwọ́ èmi fúnra mi. Nígbà tí irin ń gbó lọ tí asẹ́ sì ń bo ó mọ́lẹ̀, èèyàn ò ní mọ̀ pé ó ń burú sí i. Sọ́fítíwíà parí síbẹ̀, mo mú síkúrúdíráfà.

Ìpele 5: Ọtí

Mo ra ọtí áísópúrópáìlì 99%, ní ₦4,500 nígbà yẹn. Ẹ má ra ti 70% tí wọ́n fi ń nu ọwọ́, omi ló kù nínú ẹ̀, ẹ má sì fọ́n WD-40 lásán sínú swíìṣì, òróró ni yóò fi sílẹ̀ níbẹ̀, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yọ wáyà kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo yọ kíkáàpù N, ìyẹn ike tí ìka ń tẹ̀, mo tẹ ọ̀pá àárín swíìṣì mọ́lẹ̀, mo kán ọtí bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà, mo wá tẹ̀ ẹ́ sókè sódò bí ọgọ́rùn-ún ìgbà, mo dojú kíbọọ̀dù dé, mo fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ó dára lọ́jọ́ kejì, evtest mọ́ tónítóní. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ó padà. Tẹ́ ẹ bá wá a lórí ẹ̀rọ ayélujára, ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ fún yín pé ọtí yanjú tàwọn, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé eruku ló kó sí i. Ṣùgbọ́n ọtí tẹ́ ẹ kán látòkè kò ní ibi tó máa gbé ẹ̀gbin náà gbà jáde, ó kàn máa yọ́ ọ ni, tó bá gbẹ tán ẹ̀gbin á tún jókòó, lórí irin yẹn náà nígbà míì. Tó bá sì jẹ́ pé ewé irin ló ti rọ̀, ọtí ò lè mú un le.

Ìpele 6: Mítà, kí n tó tú ohunkóhun

Mo tú kíbọọ̀dù, mo dojú bọ́ọ̀dù délẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì ni swíìṣì kọ̀ọ̀kan ní tó yọ síbẹ̀. Wáyà ò sí lára kọ̀ǹpútà o, ẹ má wọn ọ́ọ̀mù nígbà tí iná bá ń wọ inú ẹ̀. Mo fi mítà sí orí ọ́ọ̀mù 200, mo fi ẹnu méjèèjì kan ẹsẹ̀ B, mo ní kí àbúrò mi tẹ̀ ẹ́ látòkè: 0.4, ó dúró gbọn-in, ìyẹn ni pé iná ń kọjá dáadáa. M náà bẹ́ẹ̀. Mo lọ sórí N: 4, ó fò lọ sí 60, ó padà sí 2, nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ ó kàn já pátápátá. Ìyẹn ni ẹ̀rí tó dájú jù tí mo rí nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí ẹ ò nílò láti dúró de ìgbà tó máa ṣe é, ó ń ṣe é lójú yín.

Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì tó ti sán lábẹ́ ẹsẹ̀ náà lè fa irú ẹ̀, òun sì rọrùn láti tún ṣe ju swíìṣì lọ, torí náà òun ni mo kọ́kọ́ yanjú. Mo fi ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí 350°C, mo fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ kún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sẹ́kọ́ńdì 2 sí 3 péré. Mo tún wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà ṣì ń fò. Ó ti hàn pé kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì.

Àwọn kan máa ń ní kéèyàn fi ẹ̀mú so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ láti wò ó bóyá lẹ́tà ẹyọ kan ló máa jáde. Ẹ̀mú lọ́wọ́ èèyàn fúnra ẹ̀ ń gbọ̀n ju swíìṣì tó bàjẹ́ lọ, ìlọ́po tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ kò fi ohunkóhun hàn.

Ìpele 7: Fífi N àti Scroll Lock dípò ara wọn

Mi ò ní swíìṣì tuntun nílẹ̀, mi ò sì fẹ́ ra àpò odindi torí ẹyọ kan. Kíbọọ̀dù mi ní Scroll Lock, mi ò rántí ìgbà tí mo lò ó gbẹ̀yìn, swíìṣì abẹ́ ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tuntun. Mo ní kí n yọ méjèèjì kí n pa ipò wọn dà. Èrè méjì ló wà níbẹ̀: N á rí swíìṣì tó dáa, tí àìsàn náà bá sì tẹ̀ lé swíìṣì lọ sí ipò Scroll Lock, ó ti dájú pé swíìṣì ni. Tó bá jẹ́ pé N ṣì ń ṣe é lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, bọ́ọ̀dù ló ní ẹ̀bi, bóyá ojú ọ̀nà iná tó já tàbí dáyọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ohun tí mo lò: ayọ́ọ̀nù tí mo ti ní nílé, lẹ́ẹ̀dì 63/37 olówú tẹ́ẹ́rẹ́ (₦1,800), àti sọ́kà tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì (₦3,000). Bí mo ṣe yọ ọ́:

Mo kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún èyí tó wà lẹ́sẹ̀ swíìṣì tẹ́lẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé téèyàn fẹ́ yọ lẹ́ẹ̀dì, ó tún ń fi kún un, àmọ́ lẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́ sábà máa ń le láti yọ́, 63/37 ní tiẹ̀ ń yọ́ ní 183°C, tí wọ́n bá ti pò pọ̀ gbogbo ẹ̀ á rọ̀. Mo fi ẹnu ayọ́ọ̀nù sí i títí ó fi yọ́ tán, mo gbé sọ́kà dé ibẹ̀ gan-an, mo tẹ̀ ẹ́, ó fà á. Tó bá ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú ihò, ẹ má fi ayọ́ọ̀nù jó o títí, ẹ tún fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún un kẹ́ ẹ tún fà á. Òrùka bàbà tó yí ihò ká ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún, tí iná bá pẹ́ lára ẹ̀ ó máa ṣí kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ máa wá ní láti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹsẹ̀ swíìṣì mọ́ dáyọ́ọ̀dù. Mi ò jẹ́ kó kọjá sẹ́kọ́ńdì 4 lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń jẹ́ kó tutù kí n tó padà síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fà á jáde, ẹ mi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń yí fàlàfàlà nínú ihò, ó ti ṣe tán. Tí kò bá mì, ẹ má fipá fà á o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ti ń bàjẹ́. Látòkè, swíìṣì ní etí méjì tó fi gbá páànù irin mú, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, mo fún méjèèjì wọlé, ó jáde. Tí iná bá wà lábẹ́ bọ́tìnnì yín, ẹsẹ̀ iná náà gba inú swíìṣì kọjá, ẹ ní láti yọ lẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì sàmì sí ẹsẹ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wo torí kò gbọ́dọ̀ yí padà.

Mo pa wọ́n dà, mo jó wọn padà, mo so wáyà. N dákẹ́. Mo tẹ Scroll Lock sínú evtest, ìlọ́po bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù ò ní ẹ̀bi kankan.

Ìpele 8: Inú swíìṣì tó bàjẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ lè dúró síbi ìpele 7, kíbọọ̀dù ti dáa. Èmi fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé swíìṣì náà ní ìkọ́ mẹ́rin, méjì lápá ibí méjì lápá ọ̀hún, mo fi ẹnu síkúrúdíráfà kékeré tì wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdérí ṣí. Ẹ ṣí i lórí àwo tàbí nínú ọ̀rá, sípíríǹgì máa ń fò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì máa ń ta padà bíi sípíríǹgì, ó máa ń fẹ́ fara ti èyí tó dúró nígbà gbogbo. Ọ̀pá àárín ní apá méjì tó ń tì í sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, apá yẹn á sọ̀kalẹ̀ kúrò lọ́nà, ewé á padà sọ́dọ̀ ẹnìkejì ẹ̀, wọ́n á fara kan ara wọn, iná á kọjá. Nítorí náà kì í ṣe ìka yín ló ń fi agbára pa irin méjèèjì pọ̀. Agbára ewé yẹn fúnra ẹ̀ ni. Téèyàn bá gbá bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ gidi gan-an kò ran nǹkan kan lọ́wọ́, tí ewé bá sì ti rọ̀, kò ní lè di ẹnìkejì ẹ̀ mú dáadáa, ẹ̀gbin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tó láti dí iná lọ́nà.

Méjèèjì ni tèmi ní. Ẹ̀gbin bí àwọ̀ kọfí wà lójú ibi tí wọ́n ti ń fara kanra, ọtí ìpele 5 ti ta á kiri ògiri inú swíìṣì. Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo rì í sínú ọtí, mo ki í bọ àárín ewé méjèèjì, mo fà á jáde jẹ́jẹ́, mo gé òmíràn, títí bébà fi ń jáde láìní àwọ̀. Ẹ má fi bébà oníyanrìn tàbí fáìlì onírin ha á o, ohun tí wọ́n fi bo ojú yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, tẹ́ ẹ bá ha á, ìparí ẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo fi ẹnu ẹ̀mú tẹ ewé tó ń rìn sọ́dọ̀ ẹnìkejì ẹ̀ díẹ̀, kò tó ìdajì mìlímítà. Ó ṣeé ṣe kó pọ̀ jù, ẹ máa mọ̀ torí mítà á fi hàn pé wọ́n ń fara kanra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, tàbí bọ́tìnnì á ti gbà nígbà tí ìka bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ tì í padà díẹ̀. Mo dé e padà, mo wọ̀n ọ́n kí n tó jó o: 0.5, ó dúró, bóyá mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkan. Swíìṣì tó ń sọ 60 lánàá. Mo jó o padà sí ipò Scroll Lock, mi ò dá a padà sí N, torí ewé téèyàn ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tún rọ̀, ibẹ̀ ni kò ti ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èsì àti owó

Mo dá DEBOUNCE padà sí 5, mo sì yọ ìlà inú rules.mk kúrò, kí n lè rí òótọ́. Mo fi evtest sílẹ̀ kó máa kọ nígbà tí mo ń tẹ iṣẹ́ gígùn kan, mo wo gbogbo KEY_N tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sí èyí tí àlàfo ẹ̀ wọ abẹ́ 70. Owó tó jáde lápò mi jẹ́ ₦9,300: ọtí ₦4,500, lẹ́ẹ̀dì ₦1,800, sọ́kà ₦3,000, mítà àti ayọ́ọ̀nù ti wà nílé. Tí mo bá tún un ṣe lónìí, màá lọ láti ìpele 2 sí ìpele 6 tààrà, màá fi 40 ti GNOME ṣiṣẹ́ títí dìgbà tí mo bá ráyè jó lẹ́ẹ̀dì, ọtí látòkè yẹn mi ò ní dán an wò tí mítà bá ti ń fò bíi tèmi.

Ẹni tí kíbọọ̀dù tiẹ̀ bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí swíìṣì ń yọ láìlo iná, ẹ fo gbogbo ọ̀rọ̀ ayọ́ọ̀nù yìí, pàṣípààrọ̀ ìpele 7 kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ kàn wo ẹsẹ̀ swíìṣì dáadáa kẹ́ ẹ tó tì í bọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, torí tó bá wọ́ tó kákò sábẹ́ swíìṣì, lẹ́tà ò ní jáde rárá, ẹ máa rò pé ẹ ti ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ẹ fà á yọ, ẹ nà án pẹ̀lú ẹ̀mú, ẹ tún un tì.